Bónọ́ọ̀sì tẹ́tẹ́ méjì lórí fóònù kan

Sí Olóòtú,

Àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ ń pariwo pé ilé tẹ́tẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé èrè àwọn. Ẹ wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Ìjọ̀kà: àkáǹtì méjì lórí fóònù kan, kálukú gba bónọ́ọ̀sì ₦5,000. Nínú eré bọ́ọ̀lù kan náà, ẹ̀gbọ́n ní gọ́ọ̀lù máa pé mẹ́ta, àbúrò ní kò ní pé. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ, owó ilé tẹ́tẹ́ ni wọ́n sì fi ta á. Ohun tí òfin bónọ́ọ̀sì ń pè ní màgòmágó gan-an nìyẹn. Ilé kan, fóònù kan, bónọ́ọ̀sì kan ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ gba owó ni ilé tẹ́tẹ́ tó yẹ àkáǹtì wọn wò, èrè sì wọgbó. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fúnni ní bónọ́ọ̀sì?

Òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́