Ta ni yóò san owó ìyípadà ṣífìtì?

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí ẹ̀sùn ìfọwọ́kàn bá ti dé ilé iṣẹ́, kí wọ́n tètè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ṣẹ́kù ni ta ni wọn yóò gbé kúrò, àti àpò ta ni owó rẹ̀ yóò ti jáde. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí èmi náà ti fọwọ́ ara mi gbé ẹni tí kò yẹ kúrò rí.

Ilé iṣẹ́ kan níbí ní Àbújá ni, a máa ń gba ìpè àwọn oníbàárà tọ̀sán-tòru, èmi ni mo sì ń kọ rósítà. Ọmọbìnrin kan tó ń ti Máràrábà wá fẹjọ́ sùn pé ọ̀gá ṣífìtì òun máa ń fọwọ́ kan òun lára bí ọ́fíìsì bá ti dá lóru. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ náà sí ṣífìtì ọ̀sán kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó fẹ́. Mo fi báírò fa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì. Mo rò pé àánú ni mo ṣe é.

Ìgbà tí owó oṣù wọlé ló tó yé mi. ₦2,000 ni àláwánsì alẹ́ kan, alẹ́ 14 ló sì máa ń ṣe lóṣù: ₦28,000 ti lọ. Òṣìṣẹ́ alẹ́ nìkan ni mọ́tò ilé iṣẹ́ ń gbé, nítorí náà ó di pé kó máa wọ bọ́ọ̀sì, ₦1,600 ní àlọ àti àbọ̀, fún ọjọ́ 22. Ìyẹn ₦35,200. Ọmọ tó fẹjọ́ sùn wá ń pàdánù ₦63,200 lóṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní ìwádìí yóò gbà, oṣù méjì gbáko ló gbà.

Ọkùnrin náà ńkọ́? Orí àga rẹ̀ ló wà. Òun ló ṣì ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi, òun ló ṣì ń fún àwọn tó yẹ kó wá jẹ́rìí ní máàkì ìparí ọdún. Àwọn méjì tó ti kọ́kọ́ ní àwọn rí i, ṣe ni wọ́n ní àwọn ò rántí mọ́. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bí kì í bá ṣe pé ọmọ náà lẹ́bi, wọn ò ní gbé e kúrò.

Àwọn kan á ní ọkùnrin náà kò tíì jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ pé, tí ipò rẹ̀ ò gbọdọ̀ yí, tí ìwé tí wọ́n bá fún un sì gbọ́dọ̀ sọ pé gbígbé e kúrò kì í ṣe ìdájọ́. Òun ló yẹ kó ṣí kúrò ní ṣífìtì yẹn, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni agbára lórí àwọn ẹlẹ́rìí wà. Bó bá tiẹ̀ dúró, kí ọ̀gá mìíràn gba iṣẹ́ ìwé ìsinmi, máàkì àti rósítà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí.

Bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ kúrò, ó dáa, ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò àláwánsì tó gbà ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí ẹ máa san iye tó ń gbà lóṣù fún un, kí ẹ fi owó mọ́tò kún un. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó tún un yẹ̀ wò sínú ìwé, bóyá lọ́sẹ̀ méjì-méjì. "Fúngbà díẹ̀" tí kò ní déètì ló jẹ́ kí wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè ọmọ tí mò ń sọ yìí kí ìwádìí tó parí.

Mo mọ̀ pé ibi tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré wà nínú yàrá kan, kò sí ṣífìtì mìíràn. Níbẹ̀, ẹ yí àga padà kí ẹ̀yìn ẹni tó fẹjọ́ sùn má bàa kọ sí ọkùnrin náà, kí ẹnì kẹta máa gba iṣẹ́ láàárín wọn. Bí kò bá tó, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi sílé pẹ̀lú owó rẹ̀ pé, láìyọ ọjọ́ wọ̀nyẹn kúrò nínú ìsinmi ọdún rẹ̀.

Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé láti 2022, àdéhùn náà sì ní kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹlẹ́rìí kí ẹnikẹ́ni má gbẹ̀san lára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbẹ̀san ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbé ìwé owó oṣù ẹni tó fẹjọ́ sùn ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọmọ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. ₦126,400 yẹn, kò sẹ́ni tó dá a padà fún un.

Olùkàwé yín,
Kúbúwà, Àbújá.