Ẹ má fi yúríà ajílẹ̀ sínú píkọ́ọ̀pù

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Àbújá, nítorí pé Ádíblù, omi yúríà tó ń pa oró èéfín ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ń jẹ ẹ́ lówó. Ó ní mẹ́káníìkì òun ti gba òun níyànjú pé kí òun ra yúríà ajílẹ̀, kí òun sì pò ó mọ́ omi bọ̀rẹ́hóòlù. Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣírò rẹ̀ kó tó ṣe é.

Táńkì Ádíblù yàtọ̀ sí ti dísẹ́ẹ̀lì. Inú sàlẹ́ńsà ni ẹ̀rọ ti ń fọ́n ọn wínníwínní, kí ooru lè sọ ọ́ di amóníà tí yóò pa oró èéfín. Tí ọkọ̀ bá jó lítà 100 dísẹ́ẹ̀lì, ó lè lo lítà 2 sí 6 Ádíblù.

Táńkì Ádíblù tèmi gba lítà 20. Ọkọ̀ mi ń jó nǹkan bíi lítà 10 dísẹ́ẹ̀lì ní 100 kìlómítà. Tí Ádíblù bá jẹ́ 4 nínú 100 dísẹ́ẹ̀lì, 0.4 lítà ni yóò lò níbẹ̀. Táńkì kan á sì gbé mi rin 5,000 kìlómítà. Ìyẹn ni pé mo lè lọ Kánò, kí n sì padà, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦1,500, ₦6 ni kìlómítà kan ń ná mi. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ₦1,200, òun nìkan ń jẹ ₦120 ní kìlómítà kan náà. Ṣé nítorí ₦6 yẹn la ó ṣe fẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́?

Òótọ́ ni pé ẹrù yí ìṣirò yìí padà. Tí mo bá kó iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀, dísẹ́ẹ̀lì lè di lítà 14, kí Ádíblù sì di 5 nínú 100. Lítà 20 yẹn á tán kí n tó rin 3,000 kìlómítà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kó bù ú kún, kó kọ iye kìlómítà sílẹ̀, kó sì wo iye lítà tó tún gbà lẹ́yìn ìrìn 1,000.

Ti ajílẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Yúríà mímọ́ tó jẹ́ 32.5 nínú 100 ni Ádíblù, ìyókù jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Iyọ̀ ilẹ̀ inú omi bọ̀rẹ́hóòlù kì í bá oru lọ. Ó ń lẹ̀ mọ́ inú kàtálísìtì, ìyẹn ẹ̀yà inú sàlẹ́ńsà tí amóníà ti ń pa oró èéfín. Ẹ ó kọ́kọ́ rí èépá funfun líle lẹ́nu ibi tó ń fọ́n ọn, iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára ọkọ̀ á sì já. Owó kàtálísìtì tuntun á ra Ádíblù ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó rà á: ISO 22241, nọ́ńbà ìlànà àgbáyé fún Ádíblù, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí pé ní ooru 35°C, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló ń lò kó tó bàjẹ́. Iná ìkìlọ̀ bá tàn, ẹ bù sí i kí ẹ tó jáde ní Àbújá. Tó bá tán pátápátá tí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà Kàdúná, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní ṣíná mọ́ títí ẹ ó fi rí òmíràn bù sí i.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ kan ní Kúbwà, Àbújá