Ọjọ́ Mẹ́rin Ló Dá Ọmọ Mi Dúró

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀bẹ̀ yìí sí ojú ìwé yín, bóyá ó lè dé etí àwọn tó ń ṣòfin ẹ̀kọ́ ní Àbújá.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni mo bí ọmọbìnrin mi àkọ́bí. Ó ṣe ìdánwò JAMB ọdún 2025, ó gba 271. Àkáǹtì ló fẹ́ kà. Nígbà tó yá, iléèwé tó mú sọ fún wa pé àwọn ò lè gbé orúkọ rẹ̀ síwájú, torí òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún náà ti pé ọmọ ọdún 16 ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún tiwa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kàwé ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tí wọ́n jọ ń há ìbéèrè àtijọ́ sórí, gba 219. Oṣù kẹfà ni wọ́n bí tiẹ̀. Ìyẹn ti ń di ẹrù lọ sí yunifásítì.

Mo jẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀, n ò ní purọ́. Nígbà tó wà ní Pírámárì 5, olùkọ́ rẹ̀ ní orí ẹ̀ pé, kí a jẹ́ kó fo kíláàsì tó kàn bọ́ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Inú mi dùn, mo sanwó fọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ta ló ń ka ọjọ́ nígbà yẹn?

Ọmọkùnrin tó bá wa forúkọ sílẹ̀ ní káfè ti rí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú wa. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ṣe jẹ́ ká tún ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe?" Òun ló ṣàlàyé pé JAMB kì í gba ọjọ́ ìbí lẹ́nu ọmọ mọ́, inú NIN ló ti ń fà á yọ, nítorí náà NIN ni a máa lọ yí padà, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí mìíràn tí a máa wá kiri. Mo ní rárá. Káàdì àjẹsára ọmọ náà ṣì wà nínú àpótí mi, 4/10/09 ni nọ́ọ̀sì fi báírò búlúù kọ síbẹ̀. Mo mọ àwọn tó ṣe irú àyípadà yẹn ládùúgbò wa, ọmọ wọn sì ti wọlé.

Mo mọ̀ pé ibi yòówù kí wọ́n fa ìlà sí, ọmọ kan á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò pé. Wọ́n ní bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba 320 nínú 400 ní JAMB, tó tún gba ìdá 80 nínú 100 nínú ìdánwò iléèwé gíga fúnra rẹ̀ àti nínú èsì oníwèé-mẹ́wàá, wọ́n lè gbà á. Mo fara mọ́ ọn fún ọmọ ọdún 13 tàbí 14, torí ìyẹn ní láti fi hàn pé ọmọ àràmàǹdà ni òun. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn ọmọ tó ku ọdún méjì àti ọmọ tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ mi kò sọ pé òun jẹ́ àràmàǹdà. Ohun tí ọmọ ọdún 16 ń ṣe ló fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí kì í sì í ṣe àpáta. Lọ́dún 2024, mínísítà ìgbà náà ní ọdún 18 ni kó jẹ́, ariwo sọ. Nígbà tí Dókítà Túnjí Alausa dé ipò náà, ó dá a padà sí 16. Wọ́n lè tẹ́tí sí wa lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n wo ọjọ́ tí àwọn ọmọ tuntun máa wọlé gan-an. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi pé 16, tí mo se ìrẹsì fún un, lẹ́kíṣọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ níléèwé tó mú. Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sáàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án àti ìparí ọdún, kí wọ́n fi máàkì tó gbà wò ó bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣòro, kí wọ́n jẹ́ kó lo máàkì ọ̀hún lọ́dún tó ń bọ̀. Bó ṣe wà báyìí, ọdún kan ṣoṣo ni èsì JAMB fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà 271 yẹn ti di ìwé lásán, a ó tún ra fọ́ọ̀mù mìíràn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àkọ́bí,
Òṣogbo.