Omijé tó wà lẹ́yìn "ẹ kú ewu ọmọ"

Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Baba ẹ ní kí n kí ẹ. Mo fẹ́ pè ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí mo bá pè ẹ́ wàá kàn máa sọ pé "Màámi, ẹ má bínú" kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, èmi ò sì bínú rárá, mo kàn fẹ́ kó yé ẹ ni.

Mẹ́sééjì tó o fi ránṣẹ́ sí àǹtí ẹ ní Òfà ni. O kọ "Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọmọ 😭😭😭", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé inú ẹ ló dùn dé góńgó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rín pa yín ẹ fi ojú tó ń sunkún ránṣẹ́, nǹkan wù yín ẹ tún fi í ránṣẹ́. Àmọ́ wo bó ṣe bá a. Oṣù ọmọ náà ò tíì pé tí wọ́n fi bí i, inú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru ló wà, wọn ò sì jẹ́ kí ìyá ẹ̀ rí i tó bó ṣe fẹ́. Ìwọ náà sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, tí nǹkan bá ṣe ọmọ, ìyá ọmọ ni wọ́n máa ń sọ fún gbẹ̀yìn. Ladáànì ń pe ìrun àsùbáà lọ́wọ́ nígbà tó ṣí fóònù, omijé ló rí, ló bá gbà pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún òun. Ó pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tàn mí, ṣé ọmọ ò sí mọ́ ni?" Kò dákẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi mú un lọ wo ọmọ ẹ̀ tó ń sùn.

Ìmójì méjì ló máa ń da àwa àti ẹ̀yin láàmú. 😭 yìí, ojú ẹ̀ dì, omi ń ṣàn bí odò láti ojú méjèèjì dé ìsàlẹ̀, ẹnu ẹ̀ là. 😂 ńkọ́, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ló wà létí ojú, eyín sì yọ, ẹ̀rín ló fẹ́ pa á kú. Fún ẹni tí kò lo awò ojú tí lẹ́tà sì kéré, omi ṣáá ló rí. Ìdí nìyẹn tí bàbá àgbàlagbà kan nínú gúrúùpù ẹbí wa fi fi 😂 sábẹ́ "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" lọ́jọ́ kan tí inú fi bí àwọn ọmọ olóòkú, bẹ́ẹ̀ ẹkún ló ní lọ́kàn.

Tó o bá wò ó, ìkíni wa ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìmójì tó dé. "Ẹ kú ewu ọmọ", "ẹ kú ìnáwó", "ẹ kú ara fẹ́ra kù", kò sí èyí tó lè ṣi èèyàn lọ́nà nínú wọn, àfi tó o bá wá fi ojú tó ń sọ nǹkan míì tì í. Ohun tí fóònù gbà lọ́wọ́ wa ni ìkúnlẹ̀, ibẹ̀ ni ìmójì ti wúlò. 🧎🏾‍♀️ yìí, ọdún 2019 ló wọlé sáàárín àwọn ìmójì, tó o bá fi í ṣíwájú "ẹ kú ewu", kò sí àgbà tí kò ní yé, àfi ẹni tí fóònù ẹ̀ ti pẹ́ jù tó jẹ́ pé àpótí ṣófo ló máa rí.

Sítíkà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń dá dé ni, o ò lè kọ nǹkan mọ́ ọn lára, tó bá sì yọ lókè fóònù, "Sticker" ni wọ́n á rí. Ní gbogbo Jímọ̀ ni baba ẹ ń gba tiẹ̀ lọ́dọ̀ èèyàn púpọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ "Bàbá mi, ẹ kú Jímọ̀, ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́?" kó tó fi sítíkà tẹ̀ lé e nìkan ló ń dá lóhùn, àwọn yòókù, ó ní gbogbo ayé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Tó o bá ti ṣe àṣìṣe, di mẹ́sééjì náà mú pẹ́, tẹ "Edit", kó o yọ ìmójì ẹ̀ kúrò, ìṣẹ́jú 15 ni Wọ́sáàpù fún ẹ. Má ṣe sáré tẹ "Delete for everyone" sí ẹni tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, torí àmì pé o pa nǹkan rẹ́ máa wà níbẹ̀, á wá máa rò ó pé kí lo ń fi pamọ́. Sítíkà kò ní "Edit", mẹ́sééjì tìẹ yẹn sì ti kọjá wákàtí mẹ́ta kí àǹtí ẹ tó kà á.

Mo ti bá ẹ bẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ́rìn-ín. Ọmọ ti ń mu wàrà, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e fún un lọ́la. Kọ ọ́ ránṣẹ́ lálẹ́ òní: "🧎🏾‍♀️ Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ayọ̀ ló pa mí lẹ́kún lánàá, kì í ṣe ìbànújẹ́. Ọlọ́run á wo ọmọ wa." Kó o sì pè é lẹ́yìn tó bá kà á.

Ìyá ẹ.