Ẹ̀sùn lórí pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì tí kò bá mi dé orí fóònù tuntun

Sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọsítọ́mà kíà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kì í ṣe òun ni mo bá wá. Ìmọ̀ràn tí òṣìṣẹ́ yín fún mi lórí ṣáàtì ló ń bí mi nínú, torí òun ló jẹ́ kí n padà nu gbogbo nǹkan tí mo ti kó sórí fóònù náà dànù.

Ìbéèrè mi ò le rárá. Wáìfáì tí mo ti sééfù sórí fóònù àtijọ́ pọ̀, tilé, ti ibi iṣẹ́, ti ilé àwọn ẹbí, mi ò mọ pásíwọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí mọ́, mo wá ní báwo ni mo ṣe máa kó wọn sórí tuntun. Ojú ibi tí wọ́n kọ "Copy apps & data" sí ni fóònù tuntun wà nígbà yẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n tẹ "Don't copy" kó lè yá, pé tí n bá ti sáìnì-ìn sí àkáǹtì Gúgù mi tán gbogbo ẹ̀ á wọlé fúnra ẹ̀. Mo ṣe bó ṣe wí. Nọ́ńbà àwọn èèyàn wọlé lóòótọ́, ímeèlì wọlé, kàlẹ́ńdà náà wọlé, àmọ́ nígbà tí mo ṣí "Saved networks", kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ ò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín ni? Sáìnì-ìn ọ̀tọ̀, kíkó bákọ́ọ̀pù padà ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà àti kàlẹ́ńdà ń gbé nínú àkáǹtì, ibi téèyàn bá ti sáìnì-ìn ni wọ́n ń tẹ̀lé e lọ. Pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì kò rí bẹ́ẹ̀, inú bákọ́ọ̀pù fóònù àtijọ́ ló wà, lábẹ́ "Device settings", ojú ibi tó ní kí n fò yẹn gan-an ni fóònù tí mo rà lọ́wọ́ yín yìí ti ń béèrè bóyá kóun kó o wọlé. Mo ti kọjá ibẹ̀, kò sì béèrè mọ́.

Ìgbà tí mo padà wá, ẹlòmíì dá mi lóhùn, ó ní àfi kí n ṣe "Factory reset" kí n tún bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí mo ti yà sórí ẹ̀ lọ síbẹ̀, áàpù báńkì tí mo ti fìyà jẹ ara mi kí n tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, òun náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù wá ń béèrè píìnì tí mo fi ń ṣí fóònù àtijọ́. Láti Ándírọ́ìdì 9 ni wọ́n ti ń fi píìnì yẹn ti bákọ́ọ̀pù pa, pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì ò lè ṣí i, kódà Gúgù fúnra wọn ò lè ṣí i. Èmi rántí tèmi, ẹni tó bá ti gbàgbé tiẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Wáìfáì wá wọlé, ó ṣì ku. Tilé mi wà nínú ẹ̀, kò kọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ pé pásíwọ́ọ̀dù ò bá mu, torí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà ni, bákọ́ọ̀pù yẹn sì ti wà kí a tó yí i. Bákọ́ọ̀pù kì í ṣe ara ẹ̀ nígbàkúgbà, ó máa ń dúró kí fóònù wà lórí wáìfáì, kó wà lórí ṣájà, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé kí n lọ sí Settings > Google > Backup lórí ti àtijọ́ kí n tẹ "Back up now" ni, ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ti ibi iṣẹ́ ò tiẹ̀ wá rárá, torí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tiwa tiwa la fi ń wọ̀ ọ́, irú wáìfáì bẹ́ẹ̀ kì í sì í bá bákọ́ọ̀pù Ándírọ́ìdì lọ. Ẹ̀yin ẹ ní kí n tún rísẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè wá! Mo ní rárá.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé fóònù àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀. Láti Ándírọ́ìdì 10, téèyàn bá tẹ orúkọ wáìfáì tó wà lórí ẹ̀, tó tẹ "Share", tó fi píìnì tàbí ìka jẹ́rìí, kóòdù QR á yọ, pásíwọ́ọ̀dù á sì wà lábẹ́ ẹ̀. Fóònù tuntun á sikáànì ẹ̀, ó parí. Ó máa gba àkókò o, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, àmọ́ fọ́tò mi ò bá má sọnù.

Ohun tí mo fẹ́ rèé: kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan síbi "Don't copy" pé wáìfáì tí èèyàn ti sééfù ò ní wọlé tó bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún èsì tí ẹ kọ fún àwọn tó wà lórí ṣáàtì ṣe, kí ẹ sì fún mi lésì lórí ìwé nípa fọ́tò mi àti ohun tí ẹ máa ṣe sí i. Mo ti so gbogbo ṣáàtì náà mọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín