Ìṣirò yín kò sọ iye tí àbúrò mi san tán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àlàyé tí ẹ tẹ̀ jáde lójú ìwé ètò owó yín lórí ẹ̀yáwó tí owó tí à ń san lóṣooṣù máa ń gòkè bí ọdún bá ti yí. Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo iye tí òun yóò san ro owó oṣù àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti oṣù tó gbẹ̀yìn, kó pín in sí méjì, kó wá fi iye oṣù sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìṣirò yẹn gan-an ni àbúrò mi gbọ́kàn lé nígbà tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní pé kò kọ́kọ́ mú ìwé náà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mílíọ̀nù kan ló yá. Èlé orí rẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un, ìyẹn oṣù 60. Lọ́dún kìíní, 20,000 ni yóò máa san lóṣù. Tí ó bá di ọdún kejì, ó di 25,000, bẹ́ẹ̀ ni 5,000 yóò sì máa gorí rẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi di 40,000 lọ́dún karùn-ún. Wọ́n ní owó tó ń wọlé fún un yóò máa pọ̀ sí i, pé kó fi èyí tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ná. Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n ṣe dá irú ẹ̀yáwó yìí sílẹ̀ nìyẹn, ó sì wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi a máa pè é ní ẹ̀yáwó alákàsọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yín wò ó. 20,000 àti 40,000 jẹ́ 60,000. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 30,000. Tí a bá fi oṣù 60 sọ ọ́ di púpọ̀, 1,800,000 ló jáde. Kí ẹ wá ṣe é lọ́dọọdún, bí èmi ṣe ń ṣe é: ọdún kìíní jẹ́ 240,000, ìkejì 300,000, ìkẹta 360,000, ìkẹrin 420,000, ìkarùn-ún 480,000. Ẹ rò ó pọ̀, 1,800,000 náà ni. Nítorí náà, n kò sọ pé ìṣirò yín kò pé níbí yìí. Ohun tí a rò pọ̀ ni gbogbo owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó san. Bóyá owó náà tó láti pa gbèsè rẹ́, a kò tíì béèrè.

Lọ́jọ́ tó san ti oṣù ọgọ́ta, ó wá sílé mi tayọ̀tayọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé ó ku 124,091. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ̀gbọ́n, jìbìtì ni wọ́n fẹ́ lù mí o. Mo san gbogbo rẹ̀, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi.” Mo ní kó kó gbogbo ìwé náà máa bọ̀.

Mo mú ìwé àjákọ kan, mo fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́rin: gbèsè tó wà nílẹ̀, èlé oṣù náà, owó tí ó san, gbèsè tó kù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Gbèsè 1,000,000. Èlé, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, 20,000. Ó san 20,000. Gbèsè tó kù, 1,000,000. Mo kọ oṣù kejì. Nígbà tí mo dé oṣù kẹta, ó na ìka sí ìwé náà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kọ èyí tẹ́lẹ̀.” Mo ní rárá, oṣù mìíràn ni. Ìlà méjìlá ni mo kọ tí gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Fún ọdún kan gbáko, 240,000 jáde lápò rẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lára mílíọ̀nù tó yá. Èlé ló gba gbogbo rẹ̀.

Àtọdún kejì ni gbèsè tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, ó ku 932,940. Ó san 300,000 lọ́dún yẹn, gbèsè sì fi díẹ̀ lé ní 67,000 péré wálẹ̀. Ní ìparí ọdún kẹta, ó ku 780,830. Ti ìkẹrin, 520,858. Nígbà tí ọdún karùn-ún parí, iye tó kù ní ìsàlẹ̀ ìwé mi kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀jíṣẹ́ náà: 124,091. Ẹnikẹ́ni kò lù ú ní jìbìtì. Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn náà, lójú ewé tó gbẹ̀yìn, pé gbèsè yòówù tó bá kù lẹ́yìn oṣù 60 gbọ́dọ̀ di sísan lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi kà á, àmọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan lè kù, nítorí pé 1,800,000 ti wà lọ́kàn rẹ̀.

Nítorí náà, iye tó san tán jẹ́ 1,924,091. Mílíọ̀nù kan nínú rẹ̀ ni owó tó yá, 924,091 sì ni èlé. Bí ó bá ṣe pé iye kan náà ló ń san láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú èlé kan náà àti oṣù 60 kan náà, 28,768 ni ìbá máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ìbá sì jẹ́ 1,726,080. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000. Kì í ṣe pé wọ́n fi owó kankan kún èlé rẹ̀. Gbèsè ńlá ló pẹ́ nílẹ̀, èlé sì ń bá gbèsè tó wà nílẹ̀ lọ. Owó tó fúyẹ́ lọ́dún kìíní ló fà á.

Kò gba ìṣirò gígùn kí ènìyàn tó fura. Kí ó ṣírò èlé oṣù kan lórí owó tí wọ́n fẹ́ yá a, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù àkọ́kọ́. Tí méjèèjì bá dọ́gba, gbèsè kò ní í kúrò lójú kan. Tí owó tí yóò san bá kéré sí èlé, gbèsè yóò máa ga sí i nígbà tí òun rò pé òun ń san án, ìyẹn sì burú ju ti àbúrò mi lọ. Ní Amẹ́ríkà, nínú ètò ìsanpadà alákàsọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ wọn ní fún ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọdún méjì-méjì ni owó máa ń gòkè, wọn kò sì gbà kí owó oṣù kéré sí èlé tó bá gorí gbèsè. Ó wù mí kí gbogbo ayánilówó ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò mi ìbá kọjá lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé owó tirẹ̀ kò kéré sí èlé, ṣe ni wọ́n dọ́gba.

Ibi tí ìṣirò yín ti ṣìnà pátápátá ni èyí. Ọ̀pọ̀ àdéhùn kì í dárúkọ iye tí owó yóò fi gòkè, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń kọ. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sí ti àbúrò mi pé owó oṣù yóò máa gòkè ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ìdá 25 ti èwo? Tí ó bá jẹ́ ti owó ọdún kìíní, 5,000 náà ni lọ́dọọdún, bí a ṣe ṣe é lókè yẹn. Tí ó bá jẹ́ ti owó ọdún tó ṣáájú, ọdún kejì ṣì jẹ́ 25,000, ẹnikẹ́ni kò ní í rí ìyàtọ̀. Ọdún kẹta ni yóò hàn: 31,250 dípò 30,000. Ọdún kẹrin á fi díẹ̀ lé ní 39,000, ọdún karùn-ún á sì di 48,828. Àkàsọ̀ tó kẹ́yìn ga ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí owó àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tí ẹ pín sí méjì kò fi lè dúró fún àwọn tó wà láàárín. Ìṣirò yín yóò mú 2,064,840 jáde. Tí a bá rò ó lọ́dọọdún, oṣù 60 jẹ́ 1,969,687, ìyẹn ni pé tiyín fi nǹkan bí 95,000 lé.

Síbẹ̀, ẹni tó yá mílíọ̀nù kan ní èlé yẹn kò tilẹ̀ ní í san iye yẹn. Mo fà á sínú ìwé àjákọ kan náà, oṣù dé oṣù. Gbèsè náà parí ní oṣù 59, owó oṣù yẹn kò sì ju 8,090 lọ. Iye tó san tán jẹ́ nǹkan bí 1,880,122, ó sì fi nǹkan bí 44,000 dín ní ti àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó oṣooṣù ló ga jù. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè lọ san ti oṣù 60 ní odindi, tí owó ọ̀fẹ́ yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ayánilówó.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àlàyé yẹn tẹ̀ jáde. Ẹ sọ fún àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n béèrè tábìlì oṣù dé oṣù lọ́wọ́ ayánilówó kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí wọ́n wo ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó kẹ́yìn, bóyá òdo ni tàbí owó. Àpapọ̀ owó tó wà lọ́nà kẹta, pẹ̀lú iye tó bá kù yẹn, ni wọ́n máa san. Tí ayánilówó bá ní òun kò ní tábìlì, kí wọ́n fà á fúnra wọn. Ìlà 60 ni. Èmi àti àbúrò mi fà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ogún ìlà tó gbẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, olùṣírò owó