Ẹ̀sùn Lórí Ìdíje Wọ́ọ̀tì Tí Ẹ Kọ Mí Sílẹ̀ Bí Ẹni Tó Sá

Ìsánlú,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tí Ó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Èyí ni ìgbà karùn-ún tí mo ń kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. N kò ní ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ẹ̀sùn mi, orúkọ tí mo fi ń ta wọ́ọ̀tì lórí áàpù yín àti rìsíìtì ₦5,000 tí mo san wọ ìdíje alẹ́ Sátidé náà ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ sì ti pa ẹ̀sùn náà dé, tí ẹ kọ «Resolved» sí i lórí, bí ẹni pé èmi ni mo sọ fún yín pé ó ti tán.

Ìdáhùn kan náà ni ẹ ń fún mi ní gbogbo ìgbà: nẹ́tíwọ́kì mi ni ó já, òfin yín sì sọ pé ẹni tí kò bá padà sórí ayò láàárín ìṣẹ́jú méjì ti sá fún alátakò rẹ̀ nìyẹn. N kò bá òfin náà jà. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é, nítorí àwọn ènìyàn wà tí wọ́n máa ń pa dátà fóònù wọn nígbà tí wọ́n bá rí i pé ayò ti ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó mọ wọ́ọ̀tì wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi ní agogo 9:42 alẹ́ ọjọ́ náà. Sùkúà 3 ni ó wà lójú tábìlì. Káàdì méjì péré ni ó kù sí mi lọ́wọ́: sùkúà 14 àti sùkúà 7. Márùn-ún wà lọ́wọ́ alátakò mi. Lórí áàpù yín, ẹni tí ó bá ju 14 sílẹ̀ ti rán alátakò rẹ̀ lọ sí ọjà, òun náà ni yóò sì tún ta. Nítorí náà, bí mo bá ju 14, alátakò yóò mú káàdì kan, èmi yóò sì fi sùkúà 7 parí rẹ̀, kò sí ohun tí ó lè fi dí mi. Mo ti ju 14 náà. Ó kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì balẹ̀ sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi, «Connection lost» sì yọ lójú fóònù. Ta ni ó ń sá fún ayò tí ó ti jẹ tán?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà gan-an ni n kò tíì rí ẹni kan nínú yín kí ó kà. Nẹ́tíwọ́kì mi ti já lórí áàpù yín rí, ó tó ìgbà mélòó kan, nítorí n kò ní parọ́ pé Ìsánlú kò ní ìṣòro nẹ́tíwọ́kì. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, bí ó bá ti padà, áàpù máa ń gbé mi tààrà sórí tábìlì, káàdì mi a sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, nítorí sáfà yín, kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ayò, ṣì rántí ẹni tí mo jẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, kò tó ogún ìṣẹ́jú àáyá tí mo tún fọwọ́ kàn án, ohun tí mo rí ni «Session expired», ó ní kí n tún tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, kí n sì dúró de kóòdù tí ẹ ó fi ránṣẹ́. Fóònù tí nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ já fún ìgbà díẹ̀ kì í mú kí sáfà gbàgbé ẹni tí ó ni ín. Sáfà tí ó kú tí ó sì tún jí ni ó máa ń gbàgbé gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòdù yín dé ní agogo 9:46. Nígbà tí mo wọlé, ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo sá.

Bí ẹ bá sì rò pé àròsọ ni mo ń sọ, alátakò mi fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi nínú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín ní alẹ́ náà, pé tòun náà dúró, pé wọ́n ní kí òun náà wọlé lákọ̀tun, àti pé kóòdù tòun ni ó yá ju tèmi lọ. Ìbàdàn ni ó wà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ra dátà lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ sí tèmi. Báwo ni nẹ́tíwọ́kì Ìsánlú ṣe já a ní Ìbàdàn? Mo ti fi àwòrán ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sì ní kí n tún fi í ránṣẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ₦5,000 ni ó mú kí n kọ lẹ́tà yìí bí mo ṣe kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé ìpè mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó kọjá ni. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó sì wí fún mi pé, «Bàbá, ẹ ò ṣe lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́kì wà kí ẹ tó fowó sí ìdíje? Oko ni ọ̀hún yẹn.» Olùkọ́ ni mí fún ọdún 31. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, n kò sì ní jókòó kí ọmọ tí ó ń gba owó oṣù láti inú owó tí mo san máa fi tirẹ̀ júwe ilẹ̀ Òkun fún mi. Nẹ́tíwọ́kì oko yìí kan náà ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 11, kò já lẹ́ẹ̀kan. Òun ni ó já a.

Lẹ́yìn ìpè náà ni ẹ wá fi ₦500 tí a kò lè gbà jáde ránṣẹ́ sínú àpò mi, tí ẹ pè é ní ẹ̀bùn. Ẹ ṣeun. Ẹ gbà á padà.

Ohun tí mo ń béèrè ni kí owó ìwọlé mi padà sínú àkáǹtì tí mo fi san án, kí ẹ pa àkọsílẹ̀ pé mo sá rẹ́ lára orúkọ mi, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ sáfà yín láti agogo 9:40 sí 9:50 alẹ́ náà hàn mí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye àwọn tábìlì tí ó dúró pẹ̀lú tèmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò sì pè mí padà, yóò tọrọ àforíjì lẹ́nu ara rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni mo fún yín.

Bí ọjọ́ náà bá pé tí n kò gbọ́ nǹkan, n ó lọ sí bánkì mi láti béèrè kí wọ́n gba owó tí mo fi káàdì san padà lọ́wọ́ yín, nítorí iṣẹ́ tí mo sanwó fún kò tẹ̀ mí lọ́wọ́. N ó sì kọ ẹ̀dà lẹ́tà yìí, pẹ̀lú gbogbo àwòrán àti ọjọ́ tí ẹ pa ẹ̀sùn mi dé, ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ tí wọ́n ń ta wọ́ọ̀tì lórí áàpù yín láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ yóò gba tiwọn náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ «Resolved» sí èyí kí n tó rí owó mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí kò sá.